Ìyá Akọ̀wé Ńkọ́?

Èjìdé ni orúkọ rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni ó ń sè ní Bẹyẹrúnkà. Ó ga, ó gbẹ, eérú ti pa ọwọ́ rẹ̀ láwọ̀ dà títí dé ìgbúnwọ́. Ó ti sin ọkọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí wà ní Kùmásì, ó ń bá ọkọ rẹ̀ ṣòwò níbẹ̀. Ọmọ tí ìyẹn bí, Olúbùnmi, ló fi sílẹ̀ fún Èjìdé. Ọmọ náà kò tíì ká eyín.

Àdúgbò mọ Èjìdé mọ́ ọṣẹ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ìkíni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń dirun, "Ojú gbooro o." Bí ó bá kan aláró, "Àrẹdú o." Kò sí ipò tí ènìyàn lè wà tí Èjìdé kò ní ìkíni rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ lọ rí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jókòó sẹ́yìn tábìlì ní Mápó a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó lè kọ́ bí yóò ṣe wí.

Èjìdé a máa sọ fún wọn pé, "Má tètè dárúkọ ohun tó o bá wá. Láti òwúrọ̀, ojú ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó ń rí. Kọ́kọ́ kí i bí ọmọ ènìyàn ná. Bí ó bá ti jẹ́ ọ, ó ti mọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni téèyàn bá sì mọ̀, ojú á ti í láti lé e."

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń rí.

Ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú òmìnira ni òkúta kan gé Olúbùnmi lẹ́sẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n fi ewé sí i. Kò san. Ó fẹ̀, ó jìn, ó di egbò àdáàjinná. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, Èjìdé pọn ọmọ náà, ó gbé e lọ sí dìspẹ́ńsárì kékeré kan tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Mápó.

Ilé pákó onípáànù ni. Bẹ́ǹṣì tò sínú rẹ̀ lọ títí. Níwájú gbogbo bẹ́ǹṣì náà ni tábìlì gíga kan wà, akọ̀wé sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ó ń fún ènìyàn ní páálí nọ́ńbà. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà kò lè dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Adéníyì ni orúkọ akọ̀wé náà. Kò sanra, kò tíì darúgbó. Kì í pariwo, kì í gbé ojú sókè. Gbogbo ènìyàn ni ó ń pè ní "ìwọ", àgbà pẹ̀lú ọmọdé.

Káfíńtà kan ṣáájú Èjìdé, Ezekiel. Ọwọ́ rẹ̀ ni ayùn gé.

Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ń dà!"

Adéníyì ní, "Ìwọ, lọ jókòó."

"Mo ní ẹ̀jẹ̀ ń dà!"

"Mo ti gbọ́. Ilẹ̀ ló ń dà sí, kò dà sára mi. Jókòó."

Ezekiel jókòó, ó ń bú u sábẹ́ ẹnu. Ó kan Èjìdé. Ó gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀. Èjìdé kò kúnlẹ̀, nítorí ó lè bí akọ̀wé náà lọ́mọ. Ó tẹríba díẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Kí lo fẹ́?"

"Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọyẹ́ yìí. Ìjókòó ojú kan nínú ọyẹ́, iṣẹ́ ńlá ni."

"Mo ní kí lo fẹ́, ìyá yìí?"

"Ohun tí mo fẹ́ ò ní í sá lọ. Ẹ jẹ́ kí n kí yín ná. Kí ni oríkì yín?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn. Wọ́n rò pé ó máa lé e jáde. Adéníyì kò gbójú sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ohun tí ó ń kọ.

Ó ní, "Àkànbí."

"Àkànbí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò ní í ṣe é tì. Ìyá tó bí irú yín, wọ́n ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni ó gbójú sókè. Èjìdé rántí ojú náà títí ó fi kú. Kì í ṣe ojú ẹni tínú ń bí. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti sọ̀rètí nù pé ẹnikẹ́ni ń bọ̀.

Ó ní, "Wọ́n wà."

"Ẹ bá mi kí wọn o."

"Wọ́n á gbọ́." Ó mú páálí àkọ́kọ́. "Ẹ gbà, ìyá. Ẹ máa wọlé lọ."

Èjìdé gbà á, ó wọlé. Ezekiel wò ó títí ó fi kọjá.

Ó ní, "Ìyá ẹlẹ́nu oyin! Ẹ bá mi kí i náà, kí ọwọ́ mi má baà jábọ́ sílẹ̀ níbí!"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín.

Felicia ni wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì náà. Ó wo egbò náà, ó yí imú. Ó fi omi oníyọ̀ fọ̀ ọ́, ó fi oògùn sí i, ó dì í, ó gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́.

Ó ní, "Màmá, ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ṣí fún egbò ni kí ẹ máa mú un wá. Ẹ má pa ọ̀kan jẹ. Bí ó bá kan eegun, ó di ọsibítù ńlá. Gígé ni wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà níbẹ̀."

"Ẹ má wí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì."

"Mo ti wí i. Kí ẹ má sì fi ohunkóhun kàn án nílé."

Èjìdé pọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ yẹn bá a lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n tún ṣí, ó lọ. Ó kí akọ̀wé bí ti ìṣáájú, láti orí iṣẹ́ dé orí ọyẹ́, ó sì tún béèrè ìyá.

Adéníyì ní, "Wọ́n wà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Ẹ gbọ́! Wọ́n kí mi?"

"Wọ́n ní inú àwọn dùn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti béèrè àwọn."

Èjìdé gbádùn rẹ̀. Ó gbé e dé Bẹyẹrúnkà, ó ń sọ ọ́ kiri. Ó ní akọ̀wé tí gbogbo Ìbàdàn ń sá fún, ìyá rẹ̀ ni ó ń kí òun láti ilé. Àwọn obìnrin ní kí ó kọ́ àwọn. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé kì í ṣe oògùn. Ẹni tí a bá bi léèrè ará ilé rẹ̀, a ti gbé e kúrò lẹ́yìn tábìlì nìyẹn.

Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Nọ́ńbà kìíní ni wọ́n ń fún un nígbà gbogbo. Ohun kan ṣoṣo tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ni egbò. Nọ́ọ̀sì á tú bándéèjì, á mi orí. Egbò náà kò pọ̀ sí i, kò sì dín. Etí rẹ̀ funfun, ó súnkì bí awọ tó jóná.

Ohun tí nọ́ọ̀sì kò mọ̀ ni pé Èjìdé ń tú u nílé. Ọlọ́ṣẹ ni. Gbogbo ayé rẹ̀, ọṣẹ ló ń fọ ohun gbogbo mọ́. Kò gbà pé omi oníyọ̀ lè mọ́ ju ọṣẹ òun lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ti ilẹ̀kùn, á tú aṣọ funfun náà, á fi ọṣẹ dúdú fọ egbò, á sì tún un dì bí ó ṣe wà. Olúbùnmi a máa ké. Èjìdé a fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà pàápàá, ó ti kìlọ̀ fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọyẹ́ mú débi pé a kò rí òpó ilé ńlá Mápó láti ìsàlẹ̀. Èjìdé dé iwájú tábìlì, ó kí, ó béèrè ìyá.

Adéníyì ní, "Wọ́n wà. Wọ́n rán mi sí yín."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ó rọra sọ ọ́, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà gbọ́. Ó ní, "Wọ́n ní kí ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n ní ọṣẹ yẹn ń jẹ ẹran ara tuntun. Wọ́n ní igbe ọmọ náà ń dé ọ̀dọ̀ àwọn."

Èjìdé yí padà. Ó wo Olúbùnmi. Olúbùnmi mi orí pé òun kò sọ.

Ó gba nọ́ńbà, ó wọlé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ni ó rí i, pé òórùn ọṣẹ ni ó gbọ́, pé òun ni ó sọ fún akọ̀wé. Ó bi nọ́ọ̀sì léèrè lọ́nà ẹ̀bùrú. Felicia ní òun àti akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀, àfi bí ó bá ń pe nọ́ńbà.

Ṣùgbọ́n Èjìdé kò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́. Kò sì pẹ́ tí egbò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Funfun etí rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

Ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ẹran ara tuntun nìyí. Bí ẹ bá lè máa bá a bọ̀ báyìí, ẹsẹ̀ yìí ti bọ́ lọ́wọ́ gígé."

Inú Èjìdé ìbá dùn jọjọ, bí kì í bá ṣe ohun tí Adéníyì sọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, bí ó ti ń jáde lọ.

Ó ní, "Ìyá fẹ́ rí ọmọ náà."

"Ta ni?"

"Ìyá mi. Wọ́n ní kí ẹ mú un wá kí àwọn. Òkè Padre ni ilé wa."

"Màá mú un wá bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá san."

"Wọ́n ní kí ó má pẹ́."

Èjìdé ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ọmọlúàbí ni. Bí ènìyàn bá ń kí ọ látilé rẹ̀ lójoojúmọ́, o kò gbọ́dọ̀ máà lọ yọjú sí i. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ mú ọmọ lọ. Kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ní kí òun dá lọ ná. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sunday, tí dìspẹ́ńsárì wà ní títì, ó fi Olúbùnmi sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó di ọṣẹ sínú ewé, ó gun Òkè Padre lọ. Ó béèrè ilé akọ̀wé, wọ́n nawọ́ sí i.

Obìnrin kan ń ṣa ẹ̀gúsí lójúde. Àjọkẹ́ ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n akọ̀wé.

"Ẹ kú ilé o."

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Ìyá ni mo wá kí. Ìyá akọ̀wé."

Ọwọ́ Àjọkẹ́ dúró nínú ẹ̀gúsí.

"Ìyá wo, mà?"

"Ìyá Adéníyì, tó wà ní dìspẹ́ńsárì. Wọ́n ti ń kí mi tipẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé ọlọ́ṣẹ ló dé."

Àjọkẹ́ dìde. Ó wo ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ Èjìdé.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni ọlọ́ṣẹ?"

"Èmi ni."

"Ẹ bọ́ sínú ilé."

Ó mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá kan lẹ́yìn. Yàrá náà ṣókùnkùn. Wọ́n ti gbá a. Kò sí ibùsùn níbẹ̀, kò sí ẹrù. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ilẹ̀ gùn tó ènìyàn, ó yọrí díẹ̀. Àpótí ìjókòó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ife omi kan wà lórí sìmẹ́ńtì náà.

Àjọkẹ́ ní, "Wọ́n nìyẹn. Ẹ kí wọn."

Èjìdé kò kí. Fún ìgbà kìíní láti ìgbà tí ó ti gbọ́n, kò sí ìkíni lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà. Ọmọ mi tó ń sáré kiri lóde yìí, a kò tíì bí i. Òkè Ọya ni Adéníyì wà nígbà náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbé e lọ. Kí ó tó gbọ́, a ti sin wọ́n. Alẹ́ ló wọlé. Ilẹ̀ mọ́, ó wọ aṣọ, ó lọ síbi iṣẹ́ tuntun tí wọ́n pín in sí. A ní kí ó jókòó kí àwọn ènìyàn lè wá kí i. Ó ní ta ni wọ́n fẹ́ wá kí. Ẹni tó bá ní ìyá ti kú, á wò ó bákan. Nígbà tó yá, a fi í sílẹ̀. Títí di òní, mà, ẹnikẹ́ni kò kí i kú ara fẹ́ra kù."

"Kò sẹ́nì kan?"

"Kò sí. Ibi iṣẹ́ ńkọ́? Ta ni ó mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ta ló jẹ́ béèrè?"

Èjìdé wo àpótí ìjókòó. "Òun ló ń jókòó níbẹ̀?"

"Tẹ́lẹ̀, kì í wọ yàrá yìí rárá. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bu omi, ó wọ ibí, ó ní, 'Ìyá, ọlọ́ṣẹ kan béèrè yín lónìí.' Láti ọjọ́ náà ni. Bí ó bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, á dákẹ́, á máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ràn. Mà, mo ti fi etí mi lé ilẹ̀kùn yìí. Tirẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́." Ó fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ṣùgbọ́n omi inú ife máa ń dín."

Èjìdé yí padà. Kò gbé ọṣẹ sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Àjọkẹ́ sìn ín dé òde.

Ó ní, "Ẹ dákun, mà, ẹ má béèrè wọn mọ́."

Èjìdé náà ti pinnu bẹ́ẹ̀ kí Àjọkẹ́ tó sọ ọ́.

Ọjọ́ egbò tó tẹ̀lé e, Èjìdé dé dìspẹ́ńsárì kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó fẹ́ kí nọ́ńbà kìíní jẹ́ tirẹ̀ nítorí pé òun ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró níwájú tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àkànbí."

"Ẹ ṣé, ìyá."

"Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ọyẹ́."

"Ẹ ṣé."

Èjìdé na ọwọ́.  Páálí wà lọ́wọ́ Adéníyì, kò nà án sí i. Ó ń wo ẹnu rẹ̀.

Èjìdé ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ ni mo tún gbé dé."

"Ẹ ò tíì kí mi tán, ìyá."

"Mo ti kí yín tán."

"Ó ku ẹnì kan."

Èjìdé wo ilẹ̀. Adéníyì fi páálí náà sílẹ̀, ó pe ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó pè é ní "ìwọ". Èjìdé lọ jókòó. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Oòrùn dé orí páànù, ó kọjá. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Èjìdé sá tọ nọ́ọ̀sì lọ.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó."

Felicia ní, "Nọ́ńbà yín dà?"

"Kò fún mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ̀?" Ó wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó fa imú. "Màmá, ó ti tún ń rùn. N kò lè fọwọ́ kàn án láìsí nọ́ńbà, wọ́n á lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Bí ọjọ́ tó ń bọ̀ bá tún kọjá báyìí, ìwé ọsibítù ńlá ni wọ́n máa kọ fún un."

Adéníyì ń ti fèrèsé. Ó sọ̀rọ̀ láìwẹ̀yìn.

"Ìyá ń retí ọmọ náà. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Èjìdé pọn ọmọ, ó sáré lọ.

Nílé, kò sè ọṣẹ. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan. Ó mọ ọ̀nà méjì. Bí ó bá béèrè ìyá, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, ẹsẹ̀ á san. Ṣùgbọ́n òkú tí a ń béèrè kò ní í lọ, ọmọ ni ó sì ń béèrè báyìí. Bí kò bá béèrè, ọmọ á wà, ẹsẹ̀ á lọ. Ó rò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó wá rí i pé ìkíni kan ṣì wà tí òun kò kí ọkùnrin náà. Òun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí i láti ọjọ́ kìíní, bí òun bá mọ̀. Gbogbo ìkíni yòókù tí òun kí i, orí òkú tí a kò kí ni òun ń tò wọ́n lé.

Ẹ̀rù bà á. A kì í túfọ̀ fún ènìyàn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá bínú, ó parí.

Ọjọ́ pé. Kùrukùru ọyẹ́ wọ inú dìspẹ́ńsárì gan-an, àwọn tó wà lẹ́yìn kò rí tábìlì dáadáa. Ezekiel wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bándéèjì.

Ó ní, "Ẹlẹ́nu oyin, wọ́n ní oyin yín tán lọ́jọ́sí."

Èjìdé kọjá lára rẹ̀. Ó dúró níwájú tábìlì. Olúbùnmi wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ ṣé, ìyá." Adéníyì ti mú páálí lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ojú ọmọdé tó ń retí ohun tí wọ́n rà bọ̀ fún un.

Èjìdé tú ìborùn rẹ̀, ó fi í gbá ọ̀já mọ́ra. Ó kúnlẹ̀. Àgbà obìnrin, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì níwájú ọmọ tí ó lè bí. Àwọn tó rí i láti orí bẹ́ǹṣì dìde dúró.

"Àkànbí, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Adéníyì ní, "Kí ni ẹ wí?"

"Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kú àfẹ́kù ìyá. Olódùmarè á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ní í tú."

"Ta ló kú?"

"Ìyá yín ni."

"Ìyá wà nílé." Kò pariwo. "Mo fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ dìde, ìyá, ẹ béèrè wọn."

"Mo ti dé Òkè Padre. Mo rí ibi tí wọ́n sùn sí. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Ẹ béèrè wọn!"

Ó na ọwọ́ kọjá tábìlì, bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Èjìdé kò dìde. Olúbùnmi ti ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Ezekiel ni ó gbà á. Kò rò ó. Nínú ilẹ̀ yìí, bí a bá ń kí ẹni ọ̀fọ̀ lójú ẹni, a kì í dákẹ́. Ó ṣí fìlà, ó ní:

"Hàà. Akọ̀wé, ẹ kú ara fẹ́ra kù o. A ò gbọ́."

Obìnrin kan gbà á. Bàbá kan gbà á. Ó di gbogbo bẹ́ǹṣì. Àwọn tí ó ti pè ní "ìwọ" fún ọdún gbogbo, wọ́n ń sún mọ́ tábìlì nínú kùrukùru, wọ́n ń wí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn wọn á dára. Nọ́ọ̀sì jáde láti inú yàrá rẹ̀, òun náà wí i. Adéníyì ń wo wọn, ó ń fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Ẹni tí a bá kí báyìí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ wọn. Bí ó bá jẹ́ wọn, ó ti gbà pé ẹni náà kú. Adéníyì ya ẹnu, ó pa á dé. Ó tún ya á.

Ohùn kan dáhùn kí tirẹ̀ tó jáde. Ohùn àgbà obìnrin ni, ó rẹlẹ̀, ó tutù.

"A dúpẹ́ o."

Èjìdé gbọ́ ọ. Ezekiel gbọ́ ọ, ó wẹ̀yìn láti wo obìnrin tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yìn ni ó ti wá. Iwájú ni, lẹ́yìn tábìlì, níbi tí kò sí ẹlòmíràn ju akọ̀wé lọ. Olúbùnmi dá ẹkún dúró lójijì, ó sì ń wo ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà.

Ìgbà náà ni Adéníyì sọ tirẹ̀.

Ó ní, "A dúpẹ́. A ò ní í fi irú rẹ̀ san án fún yín."

Ó jókòó, ó fi apá bojú. Ó ń sunkún. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó dákẹ́. Wọ́n padà sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n dúró dè é. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dúró dè é.

Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó fa páálí sún mọ́ ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó kọ́kọ́ dé.

Ó ní, "Ẹ gbà, bàbá."

Ó dé ọ̀dọ̀ Èjìdé nígbà tó kàn án, kì í ṣe ṣáájú. Ó na nọ́ńbà sí i. Kò wo ojú rẹ̀, kò jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni fún un. Èjìdé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Felicia tú bándéèjì. Ó wò ó pẹ́, ó tẹ etí egbò náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

Ó ní, "Kò tíì kan eegun. Orí yín ṣe é, màmá. Ẹ jókòó kí n fọ̀ ọ́."

Ó fọ̀ ọ́, ó fi oògùn sí i, ó dì í. Ó gún ọmọ lábẹ́rẹ́. Ọmọ náà kò ké. Èjìdé jókòó lórí àpótí nọ́ọ̀sì, ó ń gbọ́ ohùn akọ̀wé láti ìta: ẹ gbà, ìyá, ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ ò ní í pẹ́.

Felicia ní, "Ó tán. Ọjọ́ tó ń bọ̀ kí ẹ padà wá."

Èjìdé dìde. Ó fa ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó so ọ̀já. Ó ní láti gba iwájú tábìlì kọjá. Ó rọra ń lọ. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ lára ni kí ó ní, ẹ bá mi kí ilé o. Ó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tẹríba fún akọ̀wé, ó sì bọ́ sínú ọyẹ́.